Owó tí wọ́n yọ tí wọn ò tíì san: ṣé gbèsè ni, àbí owó olówó?

Atúmọ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń túmọ̀ ìwé ìlànà owó oṣù fún ilé-iṣẹ́ kan n'Íbàdàn. Owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n bá ti yọ lára owó oṣù, àmọ́ tí wọn ò tíì san fún ẹni tó ni ín, mo pè é ní "gbèsè". Ọ̀gá mi fárí gá, ó ní ilé-iṣẹ́ òun kì í jẹ gbèsè. Kí ni kí n pè é?

Tíṣà: Mo fara mọ́ ọ̀gá rẹ. Tí etí Yorùbá bá gbọ́ gbèsè, ohun tó ń wá sí i lọ́kàn ni pé ẹnìkan yáwó tàbí pé ó rajà àwìn. Ilé-iṣẹ́ yìí ò yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Owó òṣìṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò tíì fi jíṣẹ́. "Owó olówó" ni kó o kọ. Ṣebí ojoojúmọ́ ni alájọ ń gba owó kiri ọjà, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní onígbèsè, àfi tí oṣù bá parí tí wọn ò rí i mọ́.

Aṣírò: Tíṣà, ti alájọ yẹn dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n kò lè ru gbogbo ẹrù náà. Ẹ jẹ́ ká fi òṣìṣẹ́ kan ṣírò rẹ̀. Ká ní ₦200,000 ni àpapọ̀ owó oṣù rẹ̀, tí gbogbo ẹ̀ kò ju owó iṣẹ́ gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀ lọ. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí wọ́n yọ, ó kéré tán, ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ₦16,000.

Owó orí ní tirẹ̀, ọdún la fi ń ṣírò rẹ̀. Owó ọdún kan jẹ́ ₦2,400,000. Tí a bá yọ ₦192,000 ti ìfẹ̀yìntì kúrò, ó ku ₦2,208,000. Ilé bàbá rẹ̀ ló ń gbé, kò sanwó ilé fún ẹnikẹ́ni, torí náà kò sí ìdẹ̀rùn ti rẹ́ǹtì. Lábẹ́ òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2026, wọn ò gba nǹkan kan lórí ₦800,000 àkọ́kọ́. Lórí ₦1,408,000 tó kù, wọ́n á gba ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún, ₦211,200 lọ́dún. Ẹ pín in sí méjìlá, ₦17,600 lóṣù. Owó tí yóò mú relé wá jẹ́ ₦166,400.

Títí dé ibí, "owó olówó" lè dúró. Ṣùgbọ́n agbanisíṣẹ́ náà ní ìdá mẹ́wàá tirẹ̀ tó gbọ́dọ̀ fi kún owó ìfẹ̀yìntì náà, ₦20,000. Owó yẹn ò sí nínú ₦200,000 rárá, àpò ilé-iṣẹ́ ló ti ń jáde. Olówó wo ló gbé e fún un pé kó bá òun tọ́jú ẹ̀? Alájọ wo lẹ sì mọ̀ tó ń fi tirẹ̀ kún owó oníbàárà?

Onílé-ìtajà: Ẹ dúró ná. Òṣìṣẹ́ 18 ló wà lọ́dọ̀ mi, èmi ni mo sì ń sanwó, mo mọ bó ṣe ń dùn mí. Owó ìfẹ̀yìntì ẹni yẹn ₦36,000. Ẹ fi lé ₦200,000, ó di ₦236,000 tó ń jáde lápò mi. Ìnáwó ni gbogbo ẹ̀. Ẹ pè é ní ìnáwó, ká máa lọ.

Aṣírò: Bùọ̀dá mi, ẹ ti ka ₦16,000 lẹ́ẹ̀mejì. Inú ₦200,000 yẹn náà ló wà. ₦20,000 yín nìkan lẹ máa fi lé e, ó di ₦220,000. Bẹ́ ẹ bá sì wo àwọn tó máa gbà á, ó pé pérépéré: òṣìṣẹ́ ₦166,400, ìjọba ìpínlẹ̀ ₦17,600, àkáǹtì ìfẹ̀yìntì ₦36,000.

Ẹ tọ̀nà pé ìnáwó ni ₦220,000 náà. Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ tí oṣù parí, tẹ́ ò tíì san kọ́bọ̀, ìwé yín gbọ́dọ̀ sọ àwọn tó ń retí yín. Ti ìfẹ̀yìntì ò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá sanwó oṣù. Ti owó orí, kó tó kọjá ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e. Ìdí tí olúkúlùkù fi ní àkáǹtì tirẹ̀ nínú ìwé yín nìyẹn. Ẹ wo ti ìfẹ̀yìntì lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti san: òfo ló yẹ kẹ́ ẹ bá. Tó bá jẹ́ ₦16,000 ló ń ṣẹ́kù síbẹ̀ lóṣooṣù lórí ẹnìkan, ìkà-ẹ̀ẹ̀mejì tí mò ń wí nìyẹn, èrè yín nínú ìwé sì ti kéré ju bó ṣe yẹ lọ.

Onílé-ìtajà: Háà. Mo ń lọ wò ó.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin ń jà lórí orúkọ. Ibi iṣẹ́ tí mo ti kúrò yọ owó ìfẹ̀yìntì mi fún ọdún méjì gbáko, ó wà lórí ìwé owó oṣù mi ní gbogbo oṣù. Nígbà tí mo gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì ìfẹ̀yìntì mi, oṣù márùn-ún péré ló wọlé. Kí lẹ máa pe ìyẹn?

Aṣírò: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Lójú òfin, wọ́n gbọ́dọ̀ san owó náà pẹ̀lú ìtanràn tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọn ò san, fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi jáfara. Nínú ìwé tiwọn náà, tí wọ́n bá ń kọ ọ́ dáadáa, àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì tí wọn ò tíì san á máa ga sí i lóṣooṣù dípò kó máa ṣófo. Ẹ tọ́jú gbogbo ìwé owó oṣù yẹn, ẹ gbé e lọ bá àjọ tó ń ṣàkóso owó ìfẹ̀yìntì.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé. Àmọ́ Tíṣà, mo ní ìbéèrè. Tí ìjọba ò bá sanwó oṣù mẹ́ta, kí ni ẹ̀yin olùkọ́ máa ń sọ? Ṣebí "wọ́n jẹ wá lówó oṣù mẹ́ta" ni? Ìgbà wo ni ìjọba wá yáwó lọ́wọ́ yín?

Tíṣà: Ẹ mú mi! Òótọ́ ni, à ń jẹni lówó láìyá a. Mo fa "owó olówó" sẹ́yìn, ó kéré tán lórí ₦20,000 yẹn. Ṣùgbọ́n n ò fẹ́ "gbèsè" síbẹ̀, mi ò sì fẹ́ "àjẹsílẹ̀", ó ń dún bí ohun tí òkú fi sílẹ̀ fọ́mọ.

Aṣírò: Lọ́fíìsì wa, "péyábù" la ń pè é, kò sí ẹni tó bi wá léèrè.

Atúmọ̀: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti kọ ọ́ báyìí: "Owó Orí Tí A Jẹ", "Owó Ìfẹ̀yìntì Tí A Jẹ", "Owó Oṣù Tí A Jẹ". Ó dà bíi pé ọ̀gá máa gbà á, torí gbèsè ò sí níbẹ̀.

Tíṣà: Tún un kà sókè, ọmọ mi. "Owó ìfẹ̀yìntì tí a jẹ." Wọ́n á ní ẹ ti kówó jẹ!

Ìyá Ìbejì: Ní ti ibi iṣẹ́ mi àtijọ́, kó máà yí nǹkan kan padà níbẹ̀.

Atúmọ̀: Ẹ gbà mí o. Ọ̀la ni mo fẹ́ fi iṣẹ́ yìí ránṣẹ́. Ṣé "tó kù láti san" kò ní dáa jù?

Aṣírò: "Tó kù" á jẹ́ kí wọ́n rò pé o ti san díẹ̀ níbẹ̀.