Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: a de másíkì ẹ̀rọ mọ́ ìyá kan ní Kétu, èémí rẹ̀ kàn ń le sí i ni

Nọ́ọ̀sì Gádì Alẹ́, Kétu
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n rí oorun sùn láti ọjọ́ Ẹtì. Nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́ ni wọ́n gbé ìyá kan wá bá wa níbi iṣẹ́, ẹni ọdún 61, gàrí ló ń yan lórí iná igi láti ìgbà ọmọge rẹ̀, kò mu sìgá rí, ṣùgbọ́n ikọ́ rẹ̀ ti tó ọdún méje mẹ́jọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni ikọ́ ọ̀hún ti yí padà tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ di àwọ̀ ewé, kò lè sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta kó má dúró mí. Èémí 34 ní ìṣẹ́jú kan, SpO2, ìyẹn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, 78. Ẹni tó gbà á wọlé ṣí ọ́síjìn sí lítà 15, SpO2 gòkè dé 98, inú gbogbo wa dùn, àfi bó ṣe di ogún ìṣẹ́jú tí ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé, tó o bá pè é á dáhùn, á tún sùn padà.

A wá dín ọ́síjìn kù, a fún un ní salibutamọ́lù tí à ń fà símú lẹ́ẹ̀mejì àti abẹ́rẹ́ kọ́tíkọ́ìdì, lẹ́yìn náà a gbé ẹ̀rọ VNI jáde, èyí tó ń gba inú másíkì ti atẹ́gùn sí àyà, tó ní rọ́bà kan ṣoṣo tí wọ́n fi ta wá lọ́rẹ. Mo fi IPAP, agbára atẹ́gùn nígbà tó ń mí sínú, sí 10, mo fi EPAP, ti ìgbà tó ń mí jáde, sí 4. Láàárín àádọ́ta ìṣẹ́jú ó ń já másíkì kúrò, ó ń làágùn, èémí 36, VT, ìwọ̀n atẹ́gùn èémí kọ̀ọ̀kan, tó wà lójú ẹ̀rọ ò kọjá mílílítà 210. Ẹnìkejì mi ní ká gún un ní diyasepáàmù kó lè fara balẹ̀, mo kọ̀. Áńbúláǹsì gbé e lọ sí Àjàṣẹ́. Ìbéèrè mi ni pé ṣé irú ẹni tó yẹ ká de é mọ́ nìyẹn? Ṣé òǹkà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ló kéré? Ìgbà wo ló yẹ kí n ti mọ̀ pé kò ní ṣiṣẹ́?

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́
Ẹ pẹ̀lẹ́ o àǹtí. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé a kì í de másíkì yìí mọ́ ẹni tó bá ń sùn, torí tó bá bì, inú ẹ̀dọ̀fóró ni èébì máa bá lọ. Ó ń tòògbé, kò yẹ kẹ́ ẹ dè é rárá, rọ́bà ọ̀nà ọ̀fun ni.

Dókítà Rẹ́à, Àjàṣẹ́
Àbúrò mi Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín ṣùgbọ́n kò pé. Ẹni tó sùn nítorí wárápá tàbí ẹ̀jẹ̀ tó dà sí ọpọlọ, tí kò lè gbé itọ́ ara rẹ̀ mì, ẹ má dè é mọ́ ọn. Ẹni tó ń bì, ẹni tó ń pọ ẹ̀jẹ̀, ẹni tí atẹ́gùn ti jò sínú àyà rẹ̀ tí wọn ò tíì fà á jáde, ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́, gbogbo wọn náà kò sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní bépéséò, àrùn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́ bíi ti ìyá yìí, tó ń tòògbé nítorí pé CO2 ti kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ohun tó ń mú un sùn gan-an ni ẹ̀rọ yìí ń gbá jáde. Ẹ lè gbìyànjú rẹ̀ tí kò bá bì, tó ṣì ń dáhùn tẹ́ ẹ bá pè é, tí ènìyàn kan bá jókòó tì í tí kò ní dìde. Òun gan-an ni ẹ̀rọ yìí wúlò fún jù, ìyẹn ni tí SpO2 bá ti wà láàárín 88 sí 92, tẹ́ ẹ ti fún un ní oògùn, tí nǹkan bíi wákàtí kan sì kọjá tí pH ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì wà ní 7.35 sísàlẹ̀, tí PaCO2, ìwọ̀n CO2 inú ẹ̀jẹ̀, ṣì ga ju 45, tí èémí ṣì ń sáré.

Lítà 15 yẹn ló kọ́kọ́ ba ọ̀rọ̀ jẹ́, ó mú kí CO2 kún sí i. Kì í ṣe ẹ̀bi yín àǹtí, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é, SpO2 78 máa ń dẹ́rù bani.

Ní ti òǹkà, bẹ́ẹ̀ ni, ó kéré. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín IPAP àti EPAP ló ń bá a gbé àyà sókè, ti yín sì jẹ́ 6 péré. Báwo ni ìyá yẹn ṣe ga tó?

Nọ́ọ̀sì Gádì Alẹ́, Kétu
Ẹ ṣé gan-an dókítà. A wọ̀n ọ́n, 155 ni.

Dókítà Rẹ́à, Àjàṣẹ́
Obìnrin tó ga tó báyẹn, ìwọ̀n tí à ń fi ṣírò fún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ á tó kílò 48, bó ti wù kó sanra tó. Mílílítà 6 sí 8 fún kílò kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí VT wà ní nǹkan bí 290 sí 380. Ẹ rí i pé 210 yín ò tó, ìdajì irú èémí kékeré bẹ́ẹ̀ kì í débi tí iṣẹ́ wà. Èmi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú IPAP 12 lórí EPAP 5, ọwọ́ mi ni mo fi ń di másíkì mú fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí n tó so okùn, kí ojú rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn náà mo ń fi 2 lé 2 ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún títí VT fi dára tí èémí sì lọ sílẹ̀. Láàárín ààbọ̀ wákàtí ó máa ń dé 18 tàbí 20. Ọ́síjìn díẹ̀ la ń so mọ́ rọ́bà, tó kàn tó fún 88 sí 92.

Nọ́ọ̀sì Àgbà Àjàṣẹ́
Dókítà, ẹ forí jì mí, 12 yẹn gan-an ń pọ̀ jù fáwọn ìyá àgbà kan, wọ́n á ní à ń fi atẹ́gùn pa wọ́n. Èmi ń bẹ̀rẹ̀ ní 8 lórí 4, mo sì ń gùn ún díẹ̀díẹ̀.

Dókítà Rẹ́à, Àjàṣẹ́
Ìyá, àwọn kan ń bẹ̀rẹ̀ ní 15 tààrà, àwọn kan sì ń ṣe bíi tiyín. Mi ò bá yín jà lórí ibi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ibi tẹ́ ẹ dúró sí ni mò ń wò. Ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ ní 8 tí ilẹ̀ á fi mọ́ tí wọn ò kúrò ní 8.

Ìyàwó Oníṣòwò, Pọ̀bẹ́
Ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi náà, lọ́dún tó kọjá, ẹ̀mí rẹ̀ ń ké lóru bí ìgbà tí omi ń hó nínú ìkòkò, wọ́n dè é mọ́ ọn ní Kutọnú, láàárín wákàtí méjì ó ti ń béèrè oúnjẹ. Ṣé ká ra tiwa sílé ni?

Dókítà Rẹ́à, Àjàṣẹ́
Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Tiwọn jọ omi tí ọkàn tì sínú ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn yàtọ̀, CPAP onípele kan, 5 sí 10, sábà máa ń tó pẹ̀lú oògùn ìtọ̀ àti oògùn ọkàn. Ẹ má rà á sílé fún ìyẹn o, oògùn ọkàn tí wọn ò gbọdọ̀ fò ló máa ràn wọ́n lọ́wọ́, kí ẹ sì bá dókítà tó ń tọ́jú wọn sọ̀rọ̀.

Àǹtí Kétu, ohun kan wà tí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Lóòótọ́ òǹkà kéré, ṣùgbọ́n ẹni tí òǹkà rẹ̀ kéré lásán kì í sábà burú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, ṣe ló máa wà bó ṣe wà. Tiyín burú sí i. Másíkì yẹn, ibi tí rọ́bà ti wọ inú rẹ̀, àwọ̀ wo ni? Ṣé ihò kéékèèké wà níbẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Gádì Alẹ́, Kétu
Búlúù ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó báyìí. Kò sí ihò kankan. Kò sì sí nǹkan kankan láàárín rọ́bà àti másíkì, bí wọ́n ṣe kó o fún wa náà la ṣe ń lò ó.

Atúnẹ̀rọṣe
Háà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀rọ tó ní rọ́bà kan ṣoṣo ò ní ọ̀nà tí èémí tí èèyàn mí jáde máa gbà lọ, ihò ara másíkì tàbí ihò tí a fi sẹ́nu rọ́bà lọ̀nà rẹ̀. Másíkì olórí búlúù, lọ́pọ̀ ìgbà, ti ẹ̀rọ ńlá rẹ́à ni, èyí tó ní rọ́bà méjì, tó ń gba èémí padà fúnra rẹ̀. Ìyá yẹn ń mí CO2 tirẹ̀ padà sínú ni.

Dókítà Rẹ́à, Àjàṣẹ́
Ohun tí mò ń bẹ̀rù nìyẹn. Àǹtí, ẹ gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ mìíràn: kẹ́ ẹ tó de ẹnikẹ́ni, ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu másíkì, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ kejì wá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ jáde ṣíí. Tẹ́ ẹ ò bá rí i, ẹ má dè é. Tẹ́ ẹ bá sì rí i, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pílásítà lẹ̀ ẹ́ torí pé ó ń pariwo, mo ti rí i rí. EPAP náà ò gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ 4, òun ló ń ti èémí àtijọ́ jáde nínú rọ́bà.

Nígbà tí ó ń já másíkì yẹn, ìmọ́lẹ̀ pupa ló ń tàn fún yín, diyasepáàmù ìbá kàn pa iná ọ̀hún ni, kó sì dá èémí tó kù dúró. Ẹ ṣe dáadáa tẹ́ ẹ kọ̀.

Ìgbà wo la ń mọ̀ pé kò ṣiṣẹ́? Wákàtí àkọ́kọ́. Ẹ jókòó tì í kẹ́ ẹ wo èémí, ó yẹ kó ti máa lọ sílẹ̀. Ẹ wo ọrùn, ṣé iṣan rẹ̀ ṣì ń fà. Ẹ wo ikùn, tó bá ń wọlé nígbà tí àyà ń jáde, agbára ti ń tán. Ẹ pè é, ó yẹ kó máa jí sí i ni. Tí pH bá wà, ẹ tún un wò lẹ́yìn wákàtí kan. Tí ọ̀kan nínú wọn bá ń burú, ẹ kọ́kọ́ wo ihò, ẹ wo ibi tí atẹ́gùn ti ń jò lẹ́bàá ojú, ẹ wo òǹkà, ẹ wo kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún gbogbo rẹ̀ ṣe tí wákàtí kejì ń bọ̀ tí kò yí padà, rọ́bà ọ̀nà ọ̀fun ló kù, ẹni tó bá fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀ ń pa á lára.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́
Dókítà, ẹ̀yin ní rẹ́à. Lọ́dọ̀ tiwa kò sí ẹni tó máa ki rọ́bà bọ ọ̀nà ọ̀fun, kò sí ẹ̀rọ pH, iná sì ń lọ. Ṣé kí a tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, àbí kí a kàn gbé e sínú áńbúláǹsì?

Dókítà Rẹ́à, Àjàṣẹ́
Àbúrò, mi ò ní ìdáhùn kan tó bá gbogbo ilé ìwòsàn mu. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ pe Àjàṣẹ́ kẹ́ ẹ tó so okùn másíkì, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti kọ̀. Kẹ́ ẹ dè é nígbà tí áńbúláǹsì ń bọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà Àjàṣẹ́
Èmi ò fara mọ́ ọn níbi tí kò sí bátìrì. Tí iná bá lọ, másíkì tó dí ẹnu àti imú rẹ̀ pa, inú rẹ̀ náà ló ń mí sí. Ọ́síjìn díẹ̀ àti ìrìnàjò kíá dára ju ìyẹn lọ.

Nọ́ọ̀sì Gádì Alẹ́, Kétu
Mo pe àwọn tó gbà á lọ́hùn-ún láàárọ̀ yìí. pH 7.22 ló bá wọn débẹ̀, PaCO2 88. Wọ́n de másíkì oníhò mọ́ ọn, IPAP 18, EPAP 5, lẹ́yìn wákàtí kan pH di 7.29, PaCO2 74, èémí 24, ó sì ń bi wọ́n pé ta ló wà lọ́dọ̀ àwọn ewúrẹ́ òun. Wọn ò ki rọ́bà bọ ọ̀fun rẹ̀. Omi ń bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Másíkì olórí búlúù mẹ́rin ló ṣẹ́ kù ní kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ti fi bébà dì wọ́n, mo kọ ọ́ sí i pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lò ó pẹ̀lú ẹ̀rọ yìí. Atúnẹ̀rọṣe, ṣé ihò tí a fi ń sẹ́nu rọ́bà yẹn wà lọ́tọ̀ tí a lè rà?

Atúnẹ̀rọṣe
Ó wà, ike kékeré kan ni. Ẹ ya fọ́tò ẹnu rọ́bà àti orúkọ tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí mi, kí n wo bóyá ẹnu wọn bára mu. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu ihò fúnra yín o, kò ní tó iye tí ẹ̀rọ ń retí.

Nọ́ọ̀sì Gádì Alẹ́, Kétu
Mo ń bọ̀ wá yà á, gádì mi bẹ̀rẹ̀ ní aago méje.