Ọgbọ̀n èèyàn nínú ọjà kan: bí mo ṣe pín wọn sí iwájú, àárín àti ẹ̀yìn

Ọmọ Aláṣọ-òkè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n kọ́kọ́ fi mí ṣe igbákejì olùdarí níbi fíìmù. Ìran ọjà ni. Ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ń jà lórí owó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ ata, ọgbọ̀n èèyàn tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ sì yí wọn ká. Mo kígbe sí wọn pé, "Ẹ máa ná ọjà bí ẹ ṣe máa ń ná an!" Mo rò pé mo ti ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ní téèkì àkọ́kọ́, gbogbo wọn rọ́ lọ bá àwọn òṣèré bí eṣinṣin tó rí oyin. Ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n gbéra lẹ́ẹ̀kan náà bí ọmọ ogun. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, bí ìyá ṣe lanu báyìí, ọjà dákẹ́ wẹ́lo, wọ́n ń wò ó. Bàbá kan tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà.

Ọ̀gá tó di kámẹ́rà mú bu eérú nídìí ààrò alákàrà, wọ́n fi fa ìlà méjì sílẹ̀. Wọ́n ní, "Láti ọ̀dọ̀ mi dé ìlà yìí, iwájú nìyẹn. Ibi tí òṣèré dúró sí títí dé ìlà kejì, àárín ni. Ìyókù, ẹ̀yìn. Má bá ọgbọ̀n èèyàn sọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́."

Mo fi mẹ́ta síwájú, mẹ́wàá sí àárín, mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn. Àwọn ti iwájú, mo bá wọn sọ̀rọ̀ níkọ̀ọ̀kan: "Ìwọ tí o ru tòmátì, bí o bá ti gbọ́ 'kò sówó', gba iwájú kámẹ́rà kọjá láti òsì sí ọ̀tún, má wo ẹnikẹ́ni." Àwọn ti àárín, iṣẹ́ tí kì í tán ni mo fún wọn: "Ẹ máa ka iṣu. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ tún un kà." Ti ẹ̀yìn ò ju ọ̀nà àti ibi tí wọ́n á ti yí padà lọ: "Ẹ̀yin mẹ́fà, ẹ rìn dé ìdí máńgòrò, kí ẹ padà." Àwọn ẹ̀yìn ni mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbéra, kí ọjà ti máa lọ kí ìyá tó sọ̀rọ̀.

Síbẹ̀, apẹ̀rẹ̀ tòmátì bo ojú ìyá mọ́lẹ̀ gan-an nígbà tí omijé ń bọ́. Mo yí àmì tí ẹni tó ru tòmátì fi ń gbéra padà, ó di ìgbà tí ọmọ bá kọ ẹ̀yìn sí ìyá rẹ̀. Ìgbà náà ló tó dáa.

Báyọ̀ Ìbàdàn: Èmi ì bá kó ogún síwájú ni o. Iwájú ni òǹwòran ń rí.

Ẹ̀gbọ́n Lẹ́ǹsì: Àbúrò, òǹwòran ń rí i lóòótọ́, ìdí nìyẹn gan-an tí kò fi gbọdọ̀ pọ̀. Ẹni kan tó bá sún mọ́ lẹ́ǹsì lè gba ìdajì àwòrán. Ìbéèrè tó yẹ ká bi í ni pé lẹ́ǹsì wo? Bó bá jẹ́ ti mílímítà 85, ojú ọ̀nà tóóró ló ń rí, á sì dà bíi pé àwọn ẹ̀yìn fún mọ́ ara wọn. Èèyàn mẹ́wàá lè di èrò ọjà. Bó bá jẹ́ 24, gbogbo ọjà ló máa rí, mẹ́tàdínlógún á wá dà bíi pé wọn ò tó nǹkan.

Arẹwà Fọ́tò: Ọ̀rọ̀ yín yé mi dáadáa. Níbi ìgbéyàwó, àwọn tó ga ni mo máa ń tò sẹ́yìn, àwọn ọmọdé níwájú.

Ọmọ Aláṣọ-òkè: Ẹ̀gbọ́n mi, tiyín ń dúró sójú kan ni, tiwa ń rìn! 😂

Arẹwà Fọ́tò: Háà, mo ṣì í lóye. Àmọ́ ẹ wo aṣọ wọn o. Bí ẹni ẹ̀yìn kan bá wọ funfun gbòò, òun lojú máa bá lọ.

Báyọ̀ Ìbàdàn: Àwọn tó ń ka iṣu ńkọ́, ariwo wọn ò wọnú máìkì? Ẹ ní kí wọ́n máa sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Lẹ́ǹsì: Wúyẹ́wúyẹ́ náà máa ń wọlé. Ẹnu ni kí wọ́n máa jù, kí ohùn má jáde rárá. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí gbogbo wọn pariwo ọjà fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ gba ohùn yẹn lọ́tọ̀. Ohun tí n kò tíì rí ojútùú sí ni àmì àwọn tó wà lọ́nà jíjìn. Mo ti ju áńkáṣífù sí wọn, oòrùn ò jẹ́ kí wọ́n rí i.

Màmá Ìró: Èmi máa ń ró ìró bíi tiwọn, mo máa ń dúró sáàárín wọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n n kì í rí mọ́nítọ̀ mọ́.

Ọmọ Aláṣọ-òkè: Ẹ ṣeun. Ẹni tó ń gé fíìmù pè mí lánàá: iṣu tó wà lápá òsì nínú téèkì kan ti dé apá ọ̀tún nínú èkejì. Ta ló máa ń ṣọ́ nǹkan àárín níbi tiyín?