Ìwé wo lẹ lè fún ọkọ tí iṣẹ́ ti tán lókun, tí kì í sì í sọ̀rọ̀?

Ìyá Ìbejì Ìjàpò
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Báǹkì ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ níbí l'Àkúrẹ́. Tó bá dé lálẹ́, á jókòó sínú mọ́tò bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó wọlé. Tí mo bá bi í, á ní "kò sí nǹkan." Àwọn oníbàárà tó máa ń bá ṣàwàdà tẹ́lẹ̀, "àwọn yẹn" ló ń pè wọ́n báyìí. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ìwé. Ta ló ti fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ níwèé rí, kí ló sì ṣẹlẹ̀?

Awakọ̀ Arákalẹ̀
Ẹ gún iyán fún un.

Túndùn Oǹdó
Èmi fún tèmi ní *Burnout*, ìwé lórí bí wàhálà ṣe ń tán èèyàn lókun, tí àwọn ìbejì kan, Emily àti Amelia Nagoski, kọ ní 2019. Ó ka ojú ewé díẹ̀, ó ní "àwọn obìnrin ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ níbí," ó sì fi pa ẹ̀fọn. Kò parọ́, àwọn obìnrin ni wọ́n dìídì kọ ọ́ fún. Ni mo bá kà á fúnra mi. Wọ́n ní iṣẹ́ lè parí kí ara má tíì mọ̀ pé ó ti parí, pé kí èèyàn gbá ẹni rẹ̀ mọ́ra fún ìṣẹ́jú àáyá 20 kí ara lè balẹ̀. Mo gbá ọkọ mi mọ́ra ní kíṣìnnì. Kò tíì pé mẹ́wàá tó fi ní, "Èló ni?"

Awakọ̀ Arákalẹ̀
Hahaha! Èló wá ni?

Túndùn Oǹdó
Owó gáàsì. Àmọ́ kì í ṣe ìdí tí mo fi gbá a mọ́ra nìyẹn!

Bàbá Ìdànrè
Àwọn bàbá wa gbin kòkó títí, bọ́náòtù kankan ò mú wọn. Àìsàn ìgbàlódé ni.

Túndùn Oǹdó
Bàbá, ta ló ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ béèrè kòkó lọ́wọ́ wọn ní aago mẹ́wàá alẹ́?

Gbénró
Kì í tilẹ̀ ṣe àìsàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ ní 2019 pé ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ ni. Nítorí náà kò kan dókítà rárá. Èmi ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ó tó mi.

Awakọ̀ Arákalẹ̀
Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ ká rí èrò gbé.

Ọ̀gá Àná, Alágbàká
Gbénró, apá kan lo mú. Wọ́n ní kì í ṣe àrùn, wọn ò ní kí èèyàn má rí dókítà. Tó bá gba ìsinmi, tí kò sí níbi iṣẹ́, síbẹ̀ tí bọ́ọ̀lù àti oúnjẹ kò dùn mọ́ ọn lẹ́nu, tí oorun ò wá, ó lè jẹ́ ìsoríkọ́. Ìwé kọ́ ló kàn nígbà yẹn.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni mo fi ọdún iṣẹ́ mi bójú tó kí n tó fẹ̀yìn tì. *The Burnout Challenge* ni mo fún àbúrò mi, èyí tí Christina Maslach àti Michael Leiter kọ ní 2022. Ó bá ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ mu, torí iṣẹ́ ló ń yẹ̀ wò, kò ní kó wá tú inú rẹ̀ síta. Ibi mẹ́fà ni wọ́n ní iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ ti lè má bára mu: bí iṣẹ́ ṣe wúwo tó, àṣẹ tó ní lórí iṣẹ́ rẹ̀, èrè àti ìmọrírì, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe é, àìṣègbè, àti ohun tó gbà gbọ́. Mo kọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sẹ́yìn ìwé ìpè ìgbéyàwó kan, mo ní kó kàn fi bírò fàlà síbi tó ń ta á lára.

Gbogbo wa rò pé iṣẹ́ ló pọ̀ jù. Kò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Àìṣègbè ló fàlà sí lẹ́ẹ̀mejì. Tágẹ́ẹ̀tì kan náà ni wọ́n fún òun àti ẹni tó jogún àwọn oníbàárà ńlá, òun sì ń wá owó lọ́wọ́ àwọn alátẹ Ọjà Ọba. Wákàtí kan gbáko ló fi ṣírò rẹ̀ fún mi. Kò sọ lẹ́ẹ̀kan pé inú òun ò dùn.

Túndùn Oǹdó
Wọ́n wá dín tágẹ́ẹ̀tì náà kù?

Ọ̀gá Àná, Alágbàká
Rárá. Wọ́n fún un ní oníbàárà ńlá méjì, lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Ibi tí ìwé yẹn kù sí nìyẹn: àwọn ọ̀gá ló ń bá sọ̀rọ̀ jù. Tí ọ̀gá bá kọ etí dídi, òṣìṣẹ́ á kàn mọ ibi tí bàtà ti ń ta á ni.

Gbénró
Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò béèrè ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù nínú mọ́tò?

Túndùn Oǹdó
Gbénró, lọ sùn.

Ìyá Ìbejì Ìjàpò
Mo fi ìwé tí Ọ̀gá sọ sínú mọ́tò ní Ọjọ́rú, mi ò sọ nǹkan kan. Láàárọ̀ yìí mo rí rísíìtì epo láàárín rẹ̀, ní orí tó sọ nípa èrè. Kò tíì sọ̀rọ̀. Ogójì ìṣẹ́jú ló sì lò nínú mọ́tò lálẹ́ àná.

Awakọ̀ Arákalẹ̀
Ẹ gbé iyán náà lọ bá a níbẹ̀.