Àbọ̀ lórí ímeèlì ìròyìn iṣẹ́ tó gùn

Ìbéèrè tí mo bi yín nìyí: "Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni kí n ṣe to ímeèlì ìròyìn iṣẹ́ tí àwọn ọ̀gá kì í kà tán?"

Ẹ ṣeun gan-an, ó ti yanjú. Iṣẹ́ kànga ẹ̀rọ kan ní Gwagwalada ni. Ìpínrọ̀ 9 ni ímeèlì náà, ìbéèrè owó páìpù sì wà ní ìkeje. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Wúsè ló ní kí n gbé e lọ sókè pátápátá. Àkọlé ímeèlì wá di "Ẹ fọwọ́ sí owó páìpù kó tó di Ọjọ́bọ̀". Orí ọ̀rọ̀ 3 péré ló tẹ̀ lé e: Ohun tí a ń bèèrè, Ibi tí iṣẹ́ dé, Ohun tó lè dá wa dúró. Kókó kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ẹni tó ni iṣẹ́ náà àti ọjọ́ tí yóò parí.

Nínú ẹ̀yin tó dá mi lóhùn, ẹni tó ní kí n sọ gbogbo rẹ̀ di kókó wẹ́wẹ́ sọ òótọ́ dé ibì kan. Àmọ́ ìdí ìdádúró kò gba gígé: omi ò sí lókè àpáta, ìyẹn ló jẹ́ ká gbẹ́ jìn sí i, tí páìpù fi pọ̀ sí i. Bí ẹ bá pín in sí kókó 3, "ìyẹn ló jẹ́" á sọnù, owó náà á sì dà bí àfikún lásán. Gbólóhùn kan gbọọrọ ni mo fi sílẹ̀.

 

Mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ara mi, mo sì rí ìbéèrè náà lórí fóònù láìfà á wálẹ̀. Ọ̀gá àgbà fọwọ́ sí i lọ́jọ́ kejì. Akápò ṣì fẹ́ àlàyé kíkún. Bóyá nísàlẹ̀ ni kó wà tàbí nínú fáìlì ọ̀tọ̀, a ò tíì fẹnu kò.