«Àyà mi já» àti orúkọ tíọ́rì mẹ́ta lórí ẹ̀rù

Olùbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, ìwé ìmọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ni mò ń túmọ̀. Ẹnì kan fẹ́ sọdá títì, ọkọ̀ kan já lù ú lójijì, ó sì fò sẹ́yìn. Tíọ́rì mẹ́ta ló ṣàlàyé ẹ̀rù rẹ̀: ọ̀kan ní láti ara ni, ọ̀kan ní láti inú ọpọlọ, ìkẹta ní ara pẹ̀lú ìtumọ̀ tí a fún un ni. Orúkọ wo ni kí n fún wọn?

Olùkọ́ èdè: Èyí àkọ́kọ́ kò le rárá, nítorí Yorùbá ti sọ ọ́ tipẹ́: «àyà mi já». William James, tó kọ tirẹ̀ ní 1884, àti Carl Lange ará Denmark, tó kọ tirẹ̀ ní 1885, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ara ló kọ́kọ́ ṣe, tí ọkàn sì wá mọ̀ ọ́n lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ẹni yìí ti kúrò lójú títì, àyà rẹ̀ sì ti ń lù kì-kì-kì, kí ẹ̀rù tó bà á. Mo dábàá «tíọ́rì àyà-jíjá».

Onímọ̀ ìhùwàsí: Ẹ jọ̀wọ́, sà, ètò tí ẹ tò sílẹ̀ nípa James dára, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò bá a mu. Ẹni tó sáré gun àtẹ̀gùn kì í sọ pé àyà òun já. Yóò ní àyà òun ń lù. Ẹ̀rù ti wà nínú «àyà mi já» látilẹ̀, kò sì lè jẹ́ orúkọ ohun tí James ní ó ṣáájú ẹ̀rù. Mo fara mọ́ «tíọ́rì ìjábọ̀-ara», nítorí ara ló ṣe iṣẹ́, tó sì wá jábọ̀ fún ọpọlọ.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni «ìmọ̀lára» fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a fi ń túmọ̀ «emotion». Bí a bá tú u, mímọ̀ ní ara ni. Bí a bá fi í pe ohun tí tíọ́rì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jà lé lórí, a ti dá James láre kí Walter Cannon, ẹni tó ni tíọ́rì kejì, tó la ẹnu. Ní 1927, Cannon ní àwọn ẹ̀yà inú ara máa ń lọ́ra jù láti jẹ́ orísun ẹ̀rù, àti pé bí àyà ṣe ń lù nínú ẹ̀rù náà ló ń lù nínú ìbínú àti nínú ibà, nítorí náà kò lè fi ọ̀kan hàn yàtọ̀ sí èkejì. Lójú tirẹ̀, ìròyìn ọkọ̀ náà dé tálámọ́ọ̀sì, apá kan láàárín ọpọlọ, ó sì pín sí méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan gòkè lọ sí èpo ọpọlọ, ẹ̀rù sì bà á, èkejì sọ̀ kalẹ̀ sínú ara, ara sì gbọ̀n.

Olùkọ́ èdè: Oríta gan-an nìyẹn! «Tíọ́rì oríta ọpọlọ».

Onímọ̀ ìhùwàsí: Níbẹ̀ gan-an ni mo ti ń ṣiyèméjì. Àwọn Gíríìkì tó ni ọ̀rọ̀ «tálámọ́ọ̀sì», ìyẹ̀wù ni wọ́n fi ń pè. Philip Bard, ọmọ ẹ̀kọ́ Cannon, yọ èpo ọpọlọ ológbò kúrò, ìbínú wọn sì ṣì ń hàn síta. Ṣùgbọ́n ní 1928 ó rí i pé apá tó wà nísàlẹ̀ tálámọ́ọ̀sì ni ìbínú náà gbára lé. Orúkọ tó bá sọ iṣẹ́ lè di irọ́ lọ́la, ṣùgbọ́n «ìyẹ̀wù ọpọlọ» sọ ibi tó wà nìkan.

Nọ́ọ̀sì kan: Mo kọ́kọ́ rò pé ìwòsàn ẹ̀rù lẹ ń wá. Mo ní ikọ́ fée. Bí mo bá fa oògùn tó ń la ọ̀nà èémí, àyà mi á máa lù, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í bà mí. Ní ọjọ́ kan mo gbàgbé pé mo ti fà á, ọ̀gá wa sì ránṣẹ́ pè mí. Bí mo ṣe rí i pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí bà mí gidigidi.

Onímọ̀ ìhùwàsí: Ẹ kò ṣìnà rárá, mà. Ìgbàgbé yín ni tíọ́rì kẹta. Ní 1962, Stanley Schachter àti Jerome Singer gún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní abẹ́rẹ́ adirẹnalíìnì, tó ń mú kí àyà lù kí ọwọ́ sì gbọ̀n, wọ́n sì ní fítámì ni. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé ọwọ́ wọn á gbọ̀n. Wọn kò sọ fún àwọn mìíràn. Wọ́n wá fi ẹnì kan tó ń ṣeré bí aláyọ̀, tàbí bí oníbìínú, tì wọ́n. Àwọn tí kò mọ ìdí ìgbọ̀n ara wọn ló máa ń bá a lọ jù. Ẹni tó wà létí títì náà, bí ó bá ní «díẹ̀ ló kù kí n kú», ìgbọ̀n rẹ̀ di ẹ̀rù. Bí ó bá ní «awakọ̀ yìí kò ka ènìyàn sí», ìgbọ̀n kan náà lè di ìbínú. Ẹ kọ ọ́ sí ìwé yín pẹ̀lú pé àyẹ̀wò méjì tó jáde ní 1979 kò rí àbájáde náà: ìgbọ̀n tí kò nídìí sábà máa ń fà sí ohun tí kò dùn, inú ẹni tó wà nítòsí ì báà dùn. «Tíọ́rì aláwẹ́-méjì» ni mo máa ń pè é, nítorí bí awẹ́ kan bá yọ, kò pé mọ́.

Olùbéèrè: Mo ti kọ «ìjábọ̀-ara» àti «aláwẹ́-méjì» sílẹ̀. Kí ni n ó wá fi rọ́pò «ìmọ̀lára»?

Olùkọ́ èdè: «Ìrúsókè ọkàn».

Onímọ̀ ìhùwàsí: Ìbànújẹ́ kì í ru sókè, sà.

Olùbéèrè: Ó dáa, mo ṣì fi ààyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.