Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìbéèrè ti kún ojú ìwé ìkànnì mi jù

Ìyá Aládìrẹ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àdìrẹ ni mò ń tà l'Ábẹ́òkúta, mo sì ní ìkànnì tí àwọn èèyàn ti ń rà á. Ojú ìwé tí a kó ìbéèrè oníbàárà àti ìdáhùn wọn sí ti kún àkúnya. Ohunkóhun tí ẹnì kan bá ṣáà ti bi wá lórí Wọ́sáàpù, ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ á lọ fi kún un. Ẹ wo mẹ́rin tó dá lórí ìfiránṣẹ́ nìkan:

Ṣé ẹ máa ń fi ọjà ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ mìíràn?
Ọjọ́ mélòó ni ọjà máa fi dé?
Eélòó ni owó ìfiránṣẹ́?
Mo ti sanwó, ọjà mi ò tíì dé, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn wọn gùn débi pé ẹni tó ń wá iye ọjọ́ á kọ́kọ́ ka bí a ṣe ń di ọjà. Èwo ni kí n pa pọ̀, èwo ni kí n fi sílẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé: Ìyá wa, ẹ má wo bí ìbéèrè ṣe jọra, ẹni tó ń bèèrè àti ohun tó fẹ́ ṣe ni kí ẹ wò. Ẹni tí kò tíì sanwó ló ń bi yín ní mẹ́ta àkọ́kọ́. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá kó rà á, ìdáhùn kan ṣoṣo á sì tó o. Ẹni ìkẹrin ti sanwó, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, nọ́ńbà tó máa pè ló ń wá. Tẹ́ ẹ bá da tirẹ̀ mọ́ ti àwọn yòókù, kò ní rí i. Ẹ fi tirẹ̀ sílẹ̀ gedegbe, kí ẹ sì gbé e sókè.

Kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́, ẹ to àwọn ìdáhùn náà síra kí ẹ kà wọ́n. Ibẹ̀ lẹ máa ti rí i bóyá wọ́n ń tako ara wọn.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà: Ẹ má wulẹ̀ pa nǹkan kan rẹ́, mà. Ẹ fi `<details>` ká ìdáhùn mọ́, kó máa ṣí bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ojú ìwé á kúrú, Gúgù á sì gbé àwọn ìbéèrè yín jáde lábẹ́ orúkọ ìkànnì.

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé: Kíká mọ́ yẹn dára, àbúrò, ṣùgbọ́n oníbàárà á ṣì máa wo ìbéèrè mẹ́ta tó jọra, kò ní mọ èyí tó yẹ kó tẹ̀. Ti Gúgù yẹn, ní oṣù kẹjọ 2023 ni wọ́n fi í mọ sí ìkànnì ìjọba àti ti ìlera tó lórúkọ. Kò kan oníṣòwò bíi tiwọn mọ́ láti ìgbà náà.

Ìyá Aládìrẹ: Mo ti kà wọ́n. Ọ̀kan ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, èkejì ní ọ̀sẹ̀ kan! Èkó àti Ìbàdàn ni ti àkọ́kọ́, òkè Ọya ni ti èkejì, àmọ́ wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé: Ẹni tó wà ní Kánò tó ka àkọ́kọ́ á sì máa retí ọjà rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Ẹ wò ó báyìí, ẹ fi iye tiyín rọ́pò:

"Ṣé ọjà yín máa dé ọ̀dọ̀ mi, eélòó sì ni?
Bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ìpínlẹ̀ la ń fi ránṣẹ́ sí. Èkó àti Ìbàdàn: ọjọ́ 2 sí 3, ₦3,000. Òkè Ọya: ọjọ́ 7, ₦6,500. Ọjọ́ tí owó bá wọlé la ti ń kà á."

Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ àti bí ẹ ṣe ń di ọjà ò sí níbẹ̀ mọ́, kò sì sẹ́ni tó máa bèèrè wọn.

Àǹtí Oníkéèkì: Èmi ò ní ìkànnì o. Mo to ìdáhùn mi sínú Wọ́sáàpù oníṣòwò, mo kàn ń tẹ `/` kí n mú èyí tí mo fẹ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ó yá ju gbogbo wàhálà yìí lọ.

Ìyá Aládìrẹ: A ń lò ó, Àǹtí. Líǹkì ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ló wà nínú tiwa.

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé: Ó dáa bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́! Ohun tó bá wà lẹ́yìn `#` nínú líǹkì kì í dé ọ̀dọ̀ sáfà, torí náà sáfà ò lè darí rẹ̀ síbòmíràn. Òkè ojú ìwé ni líǹkì àtijọ́ á máa gbé èèyàn lọ. Ẹ fi orúkọ àtijọ́ sílẹ̀ nínú tuntun:

```html
<h3 id="ifiranse">
  <span id="ojo-melo"></span>
  <span id="elo-ni"></span>
  Ṣé ọjà yín máa dé ọ̀dọ̀ mi, eélòó sì ni?
</h3>
```

Ìyá Aládìrẹ: Ẹ ṣeun gan-an. "Ṣé àdìrẹ máa ń ṣí?" àti "Báwo ni kí n ṣe fọ̀ ọ́?" náà á di ọ̀kan: omi tútù, kó dá wà nígbà àkọ́kọ́, kí wọ́n sá a síbòji. Ṣùgbọ́n dídá aṣọ padà ńkọ́? A kì í gba èyí tí wọ́n ti gé, tàbí tí wọ́n ti fọ̀.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà: Ẹ kọ "Bẹ́ẹ̀ ni, láàárín ọjọ́ 7" kí ẹ fi líǹkì ìyókù sí i.

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé: Èmi ò fara mọ́ ìyẹn. Aránṣọ á ka "bẹ́ẹ̀ ni", kò ní tẹ líǹkì, á gé aṣọ. Àfi kí gbólóhùn àkọ́kọ́ ti sọ pé aṣọ tí wọn ò tíì gé tí wọn ò sì tíì fọ̀ ni.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà: Á tún máa gùn padà nìyẹn, ẹ̀gbọ́n.

Ìyá Aládìrẹ: Màá fi han aránṣọ méjì tó ń rà lọ́wọ́ mi, kí n gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ pé àwọn lóye níbẹ̀.