Kàlẹ́ńdà bíìlì: ọjọ́ wo ló yẹ kí fóònù ké?

Ọmọ Ìgbógbó, Lẹ́sítà: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ṣe kàlẹ́ńdà sórí fóònù tí á máa rán mi létí bíìlì. Owó ilé wà níbẹ̀, owó-orí káńsù, káàdì kírẹ́dítì, àti owó fóònù. Ṣé kí n kàn kọ ọjọ́ tó wà lára bíìlì kọ̀ọ̀kan síbẹ̀ ni?

Bọ̀dá Sábó, Lọ́ńdọ̀nù: Kí la fẹ́ fi kàlẹ́ńdà ṣe? Gbé gbogbo ẹ̀ sórí dáírẹ́ètì débíìtì, kí báǹkì máa yọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó parí.

Àǹtí Ìjẹ̀dẹ̀, Mansẹ́sítà: Bọ̀dá, ọ̀rọ̀ yín dáa, àmọ́ ó ku díẹ̀. Dáírẹ́ètì débíìtì ò mọ̀ bóyá owó wà nílẹ̀. Tó bá dé tí kò bá owó, báǹkì á dá a padà, ẹni tí a jẹ lówó á sì kà á sí pé a ò san. Ti káàdì tún léwu díẹ̀ sí i: tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣètò rẹ̀, ó lè má mú bíìlì tó ti jáde. Ẹ wo ìwé ìṣirò oṣù yẹn. Tí wọn ò bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn máa yọ owó, ẹ fọwọ́ ara yín san án.

Àbúrò, ọjọ́ tó wà lára bíìlì ni ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọjọ́ tí ìwọ máa dìde ṣe nǹkan ni kí o kọ sí kàlẹ́ńdà. Èyí tí o máa fọwọ́ san, kọ ọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ yẹn. Èyí tó wà lórí dáírẹ́ètì débíìtì, fi í sí ọjọ́ iṣẹ́ tó ṣáájú, kí o fi yẹ àkáǹtì wò.

Jẹ́ ká fi oṣù kọkànlá 2026 ṣe é. Ká ní ọjọ́ 1 ni káńsù máa ń yọ owó. Sọ́ńdè ni ọjọ́ 1 yẹn, nítorí náà Mọ́ńdè ọjọ́ 2 ni wọ́n máa yọ ọ́. Fúráìdè 30 oṣù kẹwàá ni wàá yẹ àkáǹtì wò. Owó á ṣì wà níbẹ̀ ní Sátidé àti Sọ́ńdè, ibẹ̀ gan-an lèèyàn ti ń ná an ní ọjà, torí ó dà bíi pé káńsù ti yọ tiwọn. Káàdì ńkọ́? Ká ní ọjọ́ 15 ni, Sọ́ńdè náà ni. Owó tí o bá fi ránṣẹ́ ní Sátidé lè má wọ ìwé wọn títí di Mọ́ńdè, o ti pẹ́ nìyẹn. Wẹ́sìdé ọjọ́ 11 ni kí o san án.

Ọmọ Ìgbógbó: Ẹ ṣé gan-an, Àǹtí mi. Báwo ni kí n wá gbé e kalẹ̀?

Àǹtí Ìjẹ̀dẹ̀: Google Calendar tó. Orí kọ̀ǹpútà ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ àmì ìròpọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ "Other calendars", kí o yan "Create new calendar". Ya ti bíìlì sọ́tọ̀, má kó o pọ̀ mọ́ ti òde àríyá. Lọ sí "Settings" kàlẹ́ńdà tuntun náà, wá "All-day event notifications", kí o fi ìránnilétí méjì síbẹ̀: ọ̀kan ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ìkejì ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Gbogbo bíìlì tí o bá kọ síbẹ̀ bíi "All day" á jogún ẹ̀, o ò ní máa tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kọ àkọlé tí ọwọ́ lè bá ṣiṣẹ́, bíi "SAN káàdì, £85, láti àkáǹtì owó oṣù". Tí o bá kọ "káàdì" nìkan, fóònù á ké, wàá tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá iye owó, wàá ní ó di alẹ́. Má kọ nọ́ńbà káàdì síbẹ̀ o.

Nípa owó-orí káńsù, ìgbà mẹ́wàá ni wọ́n sábà máa ń pín in sí, láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kìn-ín-ní. Má jẹ́ kó máa tún ara rẹ̀ ṣe láéláé. Jẹ́ kó dúró ní oṣù kìn-ín-ní, kí o tún un kọ tí bíìlì tuntun bá dé ní nǹkan bí oṣù kẹta, torí iye owó máa ń yí padà.

Ìyá Ìbejì, Dọ́blìn: Ẹ ṣeun o. Èmi, iná ilé Màámi ní Báyékù ló ń dà mí láàmú. Ọjọ́ wo nínú oṣù ni kí n kọ sílẹ̀ fún tókìn? Ó máa ń tán lójijì.

Àǹtí Ìjẹ̀dẹ̀: Ìyá Ìbejì, mítà tí a ń ra tókìn sí kò ní ọjọ́ sísan, ohun tó kù nínú rẹ̀ là ń wò. Ẹ ṣe ìránnilétí ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: gbogbo Sọ́ńdè, kí ẹni tó wà nílé ya fọ́tò ojú mítà ránṣẹ́. Tó bá jẹ́ 90 ní Sọ́ńdè tó kọjá, tó wá ku 48 lónìí, 42 ni wọ́n lò, ìyẹn 6 lóòjọ́. Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù. Bí ohun tó kù kò bá ti tó ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ rà á lọ́jọ́ náà, torí nọ́ńbà 20 yẹn máa ń pẹ́ dé nígbà mìíràn. Ẹ rántí pé ní ìgbà òtútù, aago 6 ìrọ̀lẹ́ Dọ́blìn ni aago 7 nílé.

Bọ̀dá Sábó: Owó Láńdì Yúùsì ńkọ́? Ẹnu géètì ni wọ́n ń já ìwé ẹ̀ sí.

Àǹtí Ìjẹ̀dẹ̀: Kí ará ilé ya fọ́tò ẹ̀ lọ́jọ́ tó bá dé. Ọjọ́ tí a fi lè rí ẹ̀dínwó wà lára ìwé náà, ìyẹn ni kí ẹ kọ sí kàlẹ́ńdà.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Hiúsítọ̀n: Níbí, òfin 2009 ló ní kí ọjọ́ sísan káàdì jẹ́ ọjọ́ kan náà lóṣooṣù, nítorí náà mo kàn jẹ́ kó máa tún ara rẹ̀ ṣe ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́dọ̀ yín?

Àǹtí Ìjẹ̀dẹ̀: Káàdì mìíràn máa ń sún síwá sún sẹ́yìn níbí. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí èèyàn kọ ọjọ́ náà lọ́tun nígbàkigbà tí ìwé ìṣirò bá jáde.

Bọ̀dá Sábó: Ìyẹn ti gba iṣẹ́ jù. Ẹni tó bá gbàgbé láti kọ ọ́ lóṣù kan, kò ní ìránnilétí kankan nìyẹn. Ó sàn kó máa tún ara rẹ̀ ṣe, ká kàn jẹ́ kó ṣáájú ọjọ́ sísan dáadáa.

Àǹtí Ìjẹ̀dẹ̀: Òótọ́ wà níbẹ̀, Bọ̀dá. Síbẹ̀, bí ó bá sún kọjá ọjọ́ mẹ́ta tí a fi sílẹ̀, tiyín á ké lẹ́yìn tí ọjọ́ ti lọ.

Ọmọ Ìgbógbó: Mo ti kọ wọ́n. Owó ilé, ọjọ́ 31 ni mo fi sí, lóṣooṣù, torí ìparí oṣù ni lánlọ́ọ̀dù ń gbà á. Àmọ́ mi ò rí i nínú oṣù kọkànlá.

Àǹtí Ìjẹ̀dẹ̀: O ò lè rí i. Oṣù tí kò bá ní ọjọ́ 31, kàlẹ́ńdà á fò ó ni, kò ní sún un sí 30. Fi í sí ọjọ́ 28, gbogbo oṣù ló ní in, títí kan oṣù kejì. Tí owó oṣù rẹ kì í bá tíì wọlé ní 28, bá lánlọ́ọ̀dù sọ ọ́ kó sún ọjọ́ tirẹ̀ sí 3 tàbí 4, kí o kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i kí ó wà lákọsílẹ̀.